Ṣé ìdènà tó ń báni díje ni èyí, àbí èyí tí kì í báni díje?

Ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ ẹ́ńsáìmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣágámù, mo wọn bí fọ́sífeètì ṣe ń dènà fọsifatéèsì alikaláìnì, mo sì ya 1/v sí 1/[S]. Láìsí fọ́sífeètì, ìlà náà gé ìlà òòró ní 0.10, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 0.20, nígbà tí mo fi í sí i, ìdagẹ̀rẹ̀ di 0.40, ṣùgbọ́n ibi tó ti gé òòró di 0.11 péré.

Bí adènà bá ń bá èròjà du ojú iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù, Vmax kì í yí padà, ìlà méjèèjì a sì pàdé lórí òòró. Bí kò bá du ibẹ̀, Km ni kì í yí, wọn a pàdé lórí ìlà ìbú, 0.10 ì bá sì ti di 0.20. Nítorí náà, mo gbà pé ó ń báni díje.

Àmọ́ 0.01 yẹn ń kọ mí lóminú. Níbi tí èròjà ti kéré, àṣìṣe díẹ̀ nínú v a di ńlá nínú 1/v, a sì fa ìlà kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n tún un wọ̀n pẹ̀lú [S] tó ga ju Km dáadáa, àbí ìdènà aládàpọ̀ ni mò ń rí?