Mo ti pa áàpù náà rẹ́, kí ló dé tí wọ́n ṣì gé owó mi?

Ìyá Dára: Ẹ kú ọjọ́ Àbámẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Áàpù kan tí wọ́n fi ń ṣe fídíò ni mo gbà sórí fóònù Áńdírọ́ìdì mi nítorí aṣọ tí mò ń tà. Wọ́n ní kí n fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ gba nọ́ńbà káàdì mi. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Lánàá, àlẹ́ẹ̀tì báńkì wọlé: ₦2,900 ti lọ. Kò sí OTP, wọn ò bi mí léèrè. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò máa gbà á báyìí. Báwo ni mo ṣe lè dá ti Ẹtì tó ń bọ̀ dúró? Inú ń bí mi gan-an, owó ọjà ni.

Màmá Ìjẹ̀bú: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún mi, wọ́n ń jẹ káàdì ìpè mi nítorí orin. Kọ STOP, kí o fi ránṣẹ́ sí 2442.

Káyọ̀dé: Àǹtí, ẹ lọ sí báńkì, kí wọ́n ti káàdì yẹn pa. Owó ò ní lè jáde mọ́.

Àlàbí Onífóònù: Màmá, ẹ ṣeun, àmọ́ ti láìnì fóònù ni 2442, láti dá àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí a ò béèrè dúró. Kò kan káàdì báńkì rárá.

Ìyá Dára, kì í ṣe inú áàpù yẹn ni àdéhùn náà wà. Inú àkáǹtì Google yín ló wà. Bí ẹ bá pa áàpù rẹ́, Google kò gbà pé ẹ ti fagi lé àsansílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀fẹ́ yẹn ni ẹ ti fọwọ́ sí i pé bí ọjọ́ mẹ́ta bá pé tí ẹ ò sọ nǹkan kan, kí wọ́n máa gbà á lọ. Káàdì tó ti wà nípamọ́ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n fi ń gbà á, ìdí nìyẹn tí OTP kò fi wá.

Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún, ẹ wọ `Payments & subscriptions`, lẹ́yìn náà `Subscriptions`. Ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, kí ẹ tẹ `Cancel subscription`. Wọ́n lè ní kí ẹ kàn dá a dúró fúngbà díẹ̀. Ẹ má gbà, torí owó yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tí àkókò yẹn bá pé. Ẹ sì má dúró di àárọ̀ Ẹtì, torí Google lè gba owó náà ní nǹkan bíi wákàtí 24 ṣáájú.

Ìyá Dára: Mo débẹ̀, bọ̀dá Àlàbí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Wọ́n ní mi ò ní àsansílẹ̀ kankan.

Káyọ̀dé: Ẹ wò ó, ohun tí mo sọ nìyẹn. Báńkì ni.

Àlàbí Onífóònù: Káyọ̀dé, ó lè ran wọ́n lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ àsansílẹ̀ náà ṣì wà láàyè. Google yóò máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, bí wọ́n bá sì fi káàdì tuntun síbẹ̀ láìpẹ́ nítorí nǹkan mìíràn, ó lè gé e lórí ìyẹn.

Ìyá Dára, ṣé ímeèlì méjì wà lórí fóònù yín? Ẹ wo èyí tí rìsíìtì Google Play wọlé sí, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `GPA` máa ń wà nínú rẹ̀. Ímeèlì yẹn ló ni àsansílẹ̀ náà. Bí rìsíìtì kò bá sí níbì kankan, tí àlẹ́ẹ̀tì báńkì kò sì dárúkọ Google, a jẹ́ pé orí wẹ́ẹ̀bù àwọn oní-áàpù gan-an lẹ ti sanwó. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti fagi lé e.

Ọmọ Pẹ́kámù: Ti èmi nìyẹn gan-an o! Wẹ́ẹ̀bù ni mo ti san án níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò sì rí bọ́tìnì tí mo lè fi jáde. Mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn ò fèsì. Àwọn tó ń lo áífóònù ní tiwọn, inú `Settings` ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n tẹ orúkọ wọn, kí wọ́n wá `Subscriptions`. Kí wọ́n ṣe é ó kéré tán wákàtí 24 kí ọ̀fẹ́ tó parí.

Ìyá Dára: Mo rí i! Ímeèlì tí mo fi ń ta ọjà ni. Mo ti tẹ `Cancel subscription`, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ló máa parí. ₦2,900 tó ti lọ ńkọ́?

Àlàbí Onífóònù: Fífagi lé e kò dá èyí tó ti lọ padà, ẹ ní láti béèrè fún un lọ́tọ̀. Ẹ fi ímeèlì yẹn wọ play.google.com, kí ẹ wá rira náà nínú ìtàn owó yín, kí ẹ tẹ `Report a problem`. Ẹ ṣe é lálẹ́ yìí, kí wákàtí 48 má bàa kọjá lórí owó náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn oní-áàpù ni Google sábà máa ń ní kí èèyàn lọ, àwọn yẹn sì lè kọ̀.

Ìyá Dára: Mo ti fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń wò ó. Ọlọ́run á bá wa dá a padà.