Àtẹ̀jíṣẹ́ òfin ilé fún àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

Aṣojú Onílé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé òkè òkun ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mọ̀lípà, èmi ni mo sì ń bá a mójú tó o. Àbúrò bàbá wa obìnrin, tó ti dàgbà, ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ayálégbé méjì, òkè ni a fi ń gba àwọn tó ń wá ṣọ́ọ̀tì-lẹ́ẹ̀tì. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú pálọ̀ àti ilé ìdáná.

Ní Iléyá tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan gbà á nítorí Ojúde Ọba. Wọ́n ní mẹ́rin ni àwọn, mo sì fún ẹni tó sanwó ní kọ́kọ́rọ́. Ní òru ọjọ́ Ojúde Ọba fúnra rẹ̀, nígbà tí aago kan ti lù, àwọn kan nínú wọn ń gbá géètì, wọ́n ń fun fèrè ọkọ̀, títí ìyá wa fi dìde lórí ibùsùn tó lọ ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé bọ̀ láti òde àríyá wà nínú ọ̀rá lẹ́bàá géètì, ewúrẹ́ sì ti tú u ká dé iwájú ilé aládùúgbò. Ayálégbé kan ti sọ pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, òun yóò kó jáde.

Mo wá kọ èyí tí mo fẹ́ máa fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù: «Ẹ káàbọ̀. A kò fẹ́ ariwo. A kò fẹ́ ìdọ̀tí. Ẹ má ṣe sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn aládùúgbò. Ẹni tó bá rú òfin kò ní gba owó kọ́ṣọ̀n rẹ̀ padà.» Àbúrò mi ní ó le jù, ọkọ mi ní ó rọ̀ jù. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Bàbá Onílé:
Ọmọ mi, ó rọ̀ jù ni. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni kí o ti géètì, kí o sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé rẹ. Ẹni tó bá pẹ́ lóde, kó sùn síbi tó wà. Káàdì ìdánimọ̀ wọn pàápàá, gbà á sọ́wọ́, kí wọ́n tó wọlé, ìgbà tí wọ́n bá ń lọ ni kí o dá a padà. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ yìí, apá àlejò kò ká mi.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìnira yìí. Ayálégbé tó ń kó jáde kò burú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Tèmi ò tiẹ̀ lọ, kò sì sanwó, ọdún kejì nìyí. Ṣé ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ẹ ti fún un ni tàbí ti ọ̀sẹ̀ kan?

Aṣojú Onílé:
Rárá, Mà. Kì í ṣe pé a fẹ́ lé ayálégbé. Àlejò tó ń sùn ọjọ́ méjì mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ̀wé sí, kí ayálégbé wa má baà lọ.

Alábòójútó Ilé Àlejò:
Aṣojú Onílé, iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ pè é ní ọ̀rọ̀ ariwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni. Ènìyàn mẹ́rin tó wá sí Ojúde Ọba kò ní jọ jáde, wọn kò sì ní jọ wọlé. Òmíràn ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi àsè, òmíràn ń lọ kí ẹbí ìyá rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ géètì kan ṣoṣo wà lápò ẹni kan, ó dájú pé ẹni tó bá dé gbẹ̀yìn yóò gbá géètì. Kò sí gbólóhùn kankan nípa ariwo tó lè dí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà kò yàtọ̀: ẹ ò fi ibi tí dúróòmù ìdalẹ̀ wà hàn wọ́n, wọ́n sì di ọ̀rá lẹ́nu wọ́n gbé e síbi tí wọ́n rò pé akólẹ̀ yóò ti rí i. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ òfin, ẹ kọ́kọ́ pèsè ohun tí òfin náà yóò fi ṣeé pa mọ́, bíi kọ́kọ́rọ́ méjì dípò ẹyọ kan.

Bàbá Onílé, ẹ dákun, ẹ gbà mí láyè láti takò yín díẹ̀. Ó dára kí á mọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀, kí á sì rí káàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbà á sọ́wọ́ kò dára, nítorí ó lè nílò rẹ̀ ní báńkì tàbí lójú ọ̀nà, bó bá sì sọnù lọ́wọ́ yín, ọ̀ràn yín ni. Ti géètì ló bà mí lẹ́rù jù. Bí iná bá ṣẹ́yọ ní ilé ìdáná lóru, tí irin wà lójú gbogbo fèrèsé, tí kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà nílé yín, ibo ni wọn yóò gbà? Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn onírin máa wà lórí ìṣó nínú ilé, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà lóde kò lè tó láti ojú fèrèsé, kí àlejò sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó dé.

Bàbá Onílé:
Ti iná yẹn, mo gbọ́. Ti káàdì, mi ò tíì gbà.

Aṣojú Onílé:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ̀rù tó ń bà mí nípa kọ́kọ́rọ́ méjì ni pé wọ́n lè lọ gé òmíràn lọ́jà, kí wọ́n sì padà wá nígbà tí àlejò mìíràn wà níbẹ̀.

Alábòójútó Ilé Àlejò:
Ẹni tó bá fẹ́ gé e yóò gé e, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan. Ìdí kókó nìyẹn tí kò fi yẹ kí kọ́kọ́rọ́ kan náà máa lọ láti ọwọ́ àlejò sí ọwọ́ àlejò fún ọdún púpọ̀. Bí ilẹ̀kùn yín bá jẹ́ èyí tó ní sílíńdà, sílíńdà nìkan ni káfíńtà yóò yọ tí yóò fi òmíràn sí i, kò ní fọwọ́ kan ìyókù. Ẹ ra méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn síra wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá lẹ́yìn àsìkò ọdún, kí ẹ sì fi àgádágodo onínọ́ńbà sí géètì, kí ẹ máa yí nọ́ńbà rẹ̀ padà bí àlejò kan bá ti lọ. Ẹ sọ nọ́ńbà tuntun fún àwọn ti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ fún àlejò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ayálégbé yín ni yóò máa gbá géètì. Ẹ gbé iná síbẹ̀, nítorí òkùnkùn kì í jẹ́ kí ènìyàn rí nọ́ńbà. Ẹ má ṣe kọ àdírẹ́sì ilé mọ́ ìdì kọ́kọ́rọ́ láé. Téépù aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé tó láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Nípa owó kọ́ṣọ̀n, bí ẹ bá ní gbogbo rẹ̀ ni yóò lọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, wọn yóò máa fi ohun tó bàjẹ́ pamọ́ fún yín. Ohun tó bá bàjẹ́ ni kí ẹ yọ owó rẹ̀, kí ẹ sì fi rìsíìtì hàn.

Aládùúgbò láti Ṣàgámù:
Èmi kò ní ilé tí mo ń yá, ẹ̀gbẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbé. Ohun tó máa ń bí mi nínú ju ariwo lọ ni pé mi ò mọ ẹni tí mo lè pè. Ẹ fún àwọn aládùúgbò yín ní nọ́ńbà tí wọn yóò rí yín pè lóru. Ẹ sì sọ òótọ́ fún àlejò náà, pé àwa pẹ̀lú ń pariwo. Àlejò kan wá bá mi jà nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí ní ìdájí, bí ẹni pé èmi ni ládàánì.

Alábòójútó Ilé Àlejò:
Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mo ti fi kún un. Aṣojú Onílé, ẹ pín in sí méjì. Ohun tó lè mú kí àlejò yí ọkàn padà, bí iye ènìyàn àti pé a kì í ṣe àríyá níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ kó tó sanwó. Bí a ṣe ń lo ilé ni kí ẹ fi ránṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ẹ wo bí tèmi ṣe rí:

«Ẹ káàbọ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn méjì wà fún yín, kí ẹni tó bá máa pẹ́ jù lóde mú ọ̀kan lọ. Nọ́ńbà àgádágodo géètì wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó tẹ̀lé èyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ẹ tètè sọ fún wa, kí á lè pààrọ̀ sílíńdà lọ́jọ́ náà. Owó rẹ̀ nìkan ni a ó yọ. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn onírin wà lórí ìṣó lẹ́bàá fíríìjì, ẹ má ṣe gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìyá wa àgbà kan ń sùn ní ìsàlẹ̀ yàrá yín. Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, ẹ bá wa ti ilẹ̀kùn bákónì, kí orin àti ìpè fóònù má baà jáde, kí ẹ má sì fun fèrè ọkọ̀ ní géètì. Aago mọ́kànlá ni a ń pa jẹnẹrétọ̀. Ìnfátà yóò gbé fáànù àti iná títí di àárọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé áyọ́ọ̀nù. Ẹ ó máa gbọ́ ìpè àdúrà mọ́sálásí ní ìdájí, ẹ sì lè gbọ́ ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ di ìdọ̀tí sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú dúróòmù aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn ilé, kí ẹ sì fi òkúta lé ìdérí rẹ̀, nítorí ewúrẹ́ ń rìn káàkiri. Ẹ má ṣe ju páàdì tàbí nápíìsì ọmọdé sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kámẹ́rà kan wà ní géètì, kò sí ọ̀kankan nínú ilé. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, tọ̀sán tòru, nọ́ńbà yìí ni kí ẹ pè, ẹ má ṣe kan ilẹ̀kùn ìyá wa.»

Ẹ ya àwòrán dúróòmù àti ti ìṣó náà mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá kàwé yóò wo àwòrán.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ ti gbàgbé Agẹmọ. Lásìkò ọdún rẹ̀, tí wọ́n bá ń lọ sí Ìmòsan, obìnrin kì í wò ó. Bí àlejò obìnrin bá ti fowó sílẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun yóò jókòó sínú ilé, ìjà ni.

Ìyá Ìbejì:
Ṣùgbọ́n abala 41 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lómìnira láti rìn. Ta ni Aṣojú Onílé tí yóò fi kọ ọ́ sínú òfin ilé pé kí ènìyàn má jáde?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹni tó bá jáde ni ọ̀rọ̀ yóò kàn, Mà, kì í ṣe abala òfin.

Alábòójútó Ilé Àlejò:
Èmi kì í kọ ọ́ bí òfin. Mo ń kọ ọ́ bí ìròyìn, kí wọ́n tó sanwó: «Ọjọ́ báyìí ni Agẹmọ yóò kọjá ní àdúgbò yìí, àṣà ìlú sì ni pé kí obìnrin wà nínú ilé. Bí èyí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, a lè yí ọjọ́ yín padà láìgba owó lé e.» Onílé mìíràn kò fẹ́ sọ ọ́ nítorí ó ń lé oníbàárà, mo sì mọ àwọn tí wọ́n ń ti ilé wọn pa pátápátá ní ọ̀sẹ̀ náà.

Aṣojú Onílé:
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. N óò kọ ti Agẹmọ bí ìròyìn, ṣùgbọ́n n óò kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá kí á tilẹ̀ gba àlejò ní àwọn ọjọ́ náà. Ìyá wa ti ní òun kò fẹ́ nọ́ńbà lórí àgádágodo, pé ojú òun kò ríran tó. Ṣé ẹnì kan mọ irú èyí tí kọ́kọ́rọ́ àti nọ́ńbà jọ ń ṣí?

Bàbá Onílé:
Ó wà lọ́jà, mo ti rí i. Kí o dán an wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí o tó sanwó, òmíràn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í ṣí i.