Túùbù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Clo": ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà
Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló yọ làpálàpá sí ìbàdí, roboto bí ìdí ife, etí rẹ̀ ga díẹ̀, àárín rẹ̀ mọ́. Ó lọ sí kẹ́mísì kan nítòsí Ọláìyá, wọ́n fún un ní túùbù funfun kan, wọ́n ní iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe pọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kò yún un mọ́. Ó fi ń para títí túùbù fi tán. Bó ṣe dáwọ́ dúró báyìí ni nǹkan ọ̀hún padà dé, àmọ́ kò rí roboto mọ́. Ó ti ràn dé ikùn, kò ní etí kankan tí èèyàn lè tọ́ka sí, ó kàn ń pọ́n, ó sì ń yọ rorẹ́ wẹ́wẹ́. Ó ra túùbù mìíràn, bákan náà ló tún rí. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ rè é: Betamethasone, Clotrimazole, Neomycin. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ọmọ Ayétòrò
A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣé ó dá yín lójú pé làpálàpá ni? 😀

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà
Ẹ̀tẹ̀ kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn o.

Tísà Fẹ̀yìntì
Kò le rárá. Ìparí orúkọ ni kí ẹ máa wò. Èyí tó bá parí sí "azole" ni òògùn làpálàpá. Èyí tó bá parí sí "sone" ni sítẹ́rọ́ìdì. Èyí tó bá parí sí "cin" ni ti egbò tó ń ṣọyún. Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ ilé mi nìyẹn, ọ̀kan nínú wọn kò ṣì í rí.

Apòògùn Òkè-Fìà
Tísà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Òfin yín dára, àmọ́ ó ní ihò méjì. Fílájìlì tí gbogbo wa mọ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an ni Metronidazole. "Azole" ló parí sí, kì í sì í pa làpálàpá. Ihò kejì ló burú jù: Clobetasol. Sítẹ́rọ́ìdì ni, ó sì wà lára èyí tó le jù lọ nínú gbogbo wọn, síbẹ̀ kò ní "sone" nídìí. "Clo" ló fi bẹ̀rẹ̀ bíi Clotrimazole, ìparí wọn sì fẹ́ jọra létí. Ọmọdé tí wọ́n bá rán níṣẹ́ lẹ́nu lásán, kí ló máa sọ tó bá dé ìsọ̀?

Kọ́lá Ọlọ́kadà
Ẹ ti kan ibi tó ń dùn mí! Omi ló jẹ ìyàwó mi láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Dókítà kọ òògùn sínú ìwé, mo gbé ìwé náà lọ sí kẹ́mísì kan. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo ìwé, ó ní "kilobẹtasóòlù ni", ó sì gbé túùbù lé mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi lò ó, ó ní òògùn yìí mà dára o, kò yún òun mọ́. Lẹ́yìn náà, ara ibẹ̀ di funfun, ó là, ó wá ń rùn. Nígbà tí a gbé túùbù padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó kàn mi orí ni. Kilotirimasóòlù ló kọ. Ìkọ̀wé rẹ̀ náà ṣá, ẹ ò ní fẹ́ rí i.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà
Háà. Ta wá lẹ dá lẹ́bi?

Kọ́lá Ọlọ́kadà
Àwọn méjèèjì. Dókítà kọ̀wé bí adìyẹ tó ń tú ilẹ̀, ọmọ kẹ́mísì kò béèrè ohun tó ń ṣe wá.

Ọmọ Ayétòrò
Ìwọ náà kò ka ara túùbù, Kọ́lá.

Kọ́lá Ọlọ́kadà
Tí mo bá kà á, kí ni mo máa rí? "Clo" ni mo máa rí. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ látòkè ni?

Màmá Fọlá
Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní làpálàpá lórí, irun ibẹ̀ ti já kúrò. Ìpara wo ni kí n rà nínú àwọn tí ẹ dárúkọ yìí?

Apòògùn Òkè-Fìà
Màmá Fọlá, ẹ má rà á. Tó bá ti wọ orí, inú gbòǹgbò irun ló ń gbé, ìpara kì í débẹ̀. Òògùn tí wọ́n ń gbé mì ló ń pa á, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì fi ń lò ó. Dókítà ló máa wọn ọmọ kó tó mọ iye tó yẹ kó lò.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì. Yíyún àti pípọ́n tí ẹ ń rí yẹn, ara ló ń bá làpálàpá jà. Sítẹ́rọ́ìdì kì í pa nǹkan kan. Ara ló ń sọ fún pé kó sinmi ìjà. Ìdí nìyẹn tí yíyún fi lọ lọ́jọ́ kejì. Kilotirimasóòlù tó wà nínú túùbù kan náà ń gbìyànjú, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni iṣẹ́ tirẹ̀ máa ń gbà, ta ló sì máa fi òògùn pa ibi tí kò yún un mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Nígbà tí ara ti dákẹ́, àyè gba làpálàpá láti máa ràn. Etí tó ga máa pòórá, ìpẹ́ ara rẹ̀ máa dín kù, dókítà gan-an lè wò ó kó pè é ní nǹkan mìíràn. Wọ́n lè ní láti họ ara ibẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi.

Akin Alágbẹ̀dẹ
Mi ò gbà. Túùbù oníṣẹ́ mẹ́ta yẹn kan náà ló wo tèmi sàn, kò sì padà wá mọ́. Ẹ̀yin famasísì kàn fẹ́ ká máa ra mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Apòògùn Òkè-Fìà
Níbo ló wà lára yín, báwo ló sì ṣe rí?

Akin Alágbẹ̀dẹ
Ní kọ́lọ́fín ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì. Ó gbẹ, ó nípọn, ó máa ń yún lásìkò ọyẹ́. Láti kékeré ni.

Apòògùn Òkè-Fìà
Ìyẹn jọ èélá ju làpálàpá lọ. Tó bá jẹ́ èélá, sítẹ́rọ́ìdì ni òògùn rẹ̀ lóòótọ́, àwọn méjì yòókù kàn tẹ̀lé e lásán ni. Mi ò sọ pé sítẹ́rọ́ìdì burú. Mo ní ẹni tó ń ṣe làpálàpá kọ́ ló ni ín.

Akin Alágbẹ̀dẹ
Ẹ ò tíì rí mi tí ẹ ti pè é ní èélá. Ó dáa.

Tísà Fẹ̀yìntì
Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ewé asúnwọ̀n ńkọ́? Ẹ gún un, ẹ fi pa á. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kò mọ túùbù.

Ọmọ Ayétòrò
Bàbá tó bí yín lọ́mọ náà ní làpálàpá títí ló fi kú ni? 😂

Tísà Fẹ̀yìntì
Ìwọ ọmọ yìí, bọ̀wọ̀ fágbà.

Apòògùn Òkè-Fìà
Asúnwọ̀n ń ṣiṣẹ́ o, mi ò ní bá Tísà jiyàn. Tó bá kéré ni mo lè gbà. Tó bá ti ràn káàkiri ikùn bí ti àbúrò ọkọ Ìyá Ìbejì, ewé kọ́.

Ṣadé Ẹlẹ́wà
Èmi ò mọ̀ ọ́n ní òògùn làpálàpá o. Clobetasol tí ẹ ń bẹ̀rù yìí, inú ìpara ojú tí wọ́n ń pò fún mi ni wọ́n ń fi sí. Ojú mi ń dán. Mo tiẹ̀ ka ara túùbù, 0.05% ni. Ti haidirokọ́tísóònù tí wọ́n kọ fún ọmọ mi fún ẹ̀fọn jíjẹ, 1% ni. Èwo ló pọ̀ jù níbẹ̀?

Kọ́lá Ọlọ́kadà
Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà ṣá.

Apòògùn Òkè-Fìà
Ìṣirò tọ̀nà, ìdáhùn kò tọ̀nà. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí òògùn náà ṣe pọ̀ tó nínú ìpara, kò sọ bó ṣe lágbára tó. Ẹ lè fi wé ara wọn tó bá jẹ́ òògùn kan náà, tó bá ti yàtọ̀ kò wúlò mọ́. Haidirokọ́tísóònù 1% wà lára èyí tó rọrùn jù. Clobetasol 0.05% ló wà lókè pátápátá, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa ń ní ká má kọjá lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ń ṣọ́ni, ojú kọ́ sì ni wọ́n ṣe é fún. Ṣadé, ṣé ẹ ti ń rí iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́? Ṣé oòrùn ń ta yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Ṣadé Ẹlẹ́wà
Oòrùn Òṣogbo ń ta gbogbo èèyàn.

Màmá Fọlá
Ṣadé kò dáhùn ti iṣan pupa o.

Ìyá Ìbejì Ìgbọ̀nà
Ẹ padà sọ́dọ̀ mi ẹ jọ̀ọ́. Kí ni ká wá ṣe báyìí?

Apòògùn Òkè-Fìà
Ẹ gbé túùbù oníṣẹ́ mẹ́ta yẹn kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má wo orúkọ ńlá iwájú àti àwòrán, gbogbo wọn ló jọra. Ìlà kékeré tó ń sọ ohun tó wà nínú gíráàmù kan ni kí ẹ kà. Orúkọ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀: Clotrimazole. Tí orúkọ kejì bá ti wà, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe. Kó máa pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kó kọjá etí rẹ̀ díẹ̀ sórí ara tó ṣì dára, kó sì tún fi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kún un lẹ́yìn tó bá ti mọ́.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ó máa yún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí sítẹ́rọ́ìdì ti kúrò, ara sì ti padà sójú ìjà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé òògùn tuntun kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á sì sáré padà sídìí oníṣẹ́ mẹ́ta. Àmọ́ bó ṣe ti gbilẹ̀ tó yìí, òògùn ìpara lè má tó. Kó lọ rí dókítà aláwọ̀ ara, kó sì mú túùbù tó ti lò dání.

Kọ́lá Ọlọ́kadà
Neomáísìn tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Kí ló wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà?

Apòògùn Òkè-Fìà
Ti bakitéríà ni, làpálàpá kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ara àwọn kan kì í sì gbà á, á tún máa fún wọn ní yíyún tirẹ̀. Ó lè wà lára ohun tó ń pọ́n níkùn yẹn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà láìfojú rí i.

Akin Alágbẹ̀dẹ
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo túùbù mi. "Clo" ló fi bẹ̀rẹ̀, ibi tó kù ti pa rẹ́. Ta ló máa bá mi mọ̀ ọ́n?

Ọmọ Ayétòrò
Yà á sí ibí ká wò ó.

Ṣadé Ẹlẹ́wà
Ẹ jọ̀ọ́, tí èèyàn bá fẹ́ fi ti ojú sílẹ̀, ṣé ó lè dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń béèrè.

Apòògùn Òkè-Fìà
Kí ọ̀rẹ́ yín má ṣe é lóun nìkan. Tó bá ti pẹ́ tó ń lò ó, ojú lè wú, kó pọ́n, kó máa ta á bí iná. Dókítà lè ní kó kọ́kọ́ bọ́ sórí èyí tó rọrùn, tàbí kó máa fo ọjọ́. Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń lò ó?

Màmá Fọlá
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ sùn.