Àkọlé, ojú ọ̀rọ̀ tàbí àkọ́kà: kí ni ká máa pe ìlà tó ń ṣíwájú ímeèlì?

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Lùgbé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lálẹ́ ọjọ́ Ajé pé a ti kúrò ní gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣèpàdé. Ohun tí mo kọ sókè ni "Ìkéde pàtàkì láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé nípa ìpàdé wa". Gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni "Ó dùn wá púpọ̀ láti fi tó yín létí pé a kò ní lè lo gbọ̀ngàn wa mọ́". Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn mẹ́sàn-án ti pè mí, gbogbo wọn ló ń béèrè ẹni tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ ìlà òkè yẹn ní Yorùbá? Kí la sì ń pe ohùn tí lẹ́tà ń gbé wọlé kí èèyàn tó ka inú rẹ̀?

Olùkọ́ Yorùbá, Kàdúná

Àkọlé ni. Ohun tí a kọ lé orí nǹkan ni. Nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ tí à ń kọ́ àwọn ọmọ, lẹ́yìn ìkíni ni àkọlé ń jókòó, a ó fa ìlà sí i nídìí, ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ìdí tí ti ímeèlì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ mìíràn.

Ọmọ Ìlọrin, Sùlèjá

Ti ohùn ni tèmi. Ohùn Yorùbá kò ju mẹ́ta lọ: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Bí akọ̀wé bá ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀ dáadáa, ta ni yóò ṣì í gbọ́? Àìfàmìsí ló fa gbogbo èyí.

Olùkọ́ Yorùbá, Kàdúná

Àbúrò, kì í ṣe ohùn tí ẹ ń wí ni wọ́n ń béèrè, bí ọkàn ẹni tó kọ̀wé ṣe rí ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ wo "ó dùn wá" àti "ó dùn mọ́ wa". Èkíní, ìrora ni. Èkejì, ayọ̀ ni. "Mọ́" ló yí i padà, "wá" sì di "wa". Ẹni tó ń yára kà kò ní rí ju "dun wa" lọ, pàápàá bí kò bá sí àmì. Síbẹ̀, ìrora gan-an ni akọ̀wé kọ, pẹ̀lú àmì tàbí láìsí àmì. Àmì kò lè gba lẹ́tà yẹn là.

Bàbá Wúsè

Akọ̀wé wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún pípẹ́ ni mo fi kọ lẹ́tà iṣẹ́ ìjọba nílùú Àbújá yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tó ṣe yín.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn èèyàn náà rí gan-an. Fóònù kì í gbé gbogbo àkọlé tó bá gùn jáde. Bíi ọgbọ̀n sí ogójì lẹ́tà ábídí ni púpọ̀ nínú wọn ń fi hàn, ìyókù á di àmì ìdánudúró kékeré mẹ́ta. Lábẹ́ rẹ̀ ni díẹ̀ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ á yọjú. Nítorí náà, ohun tó hàn sí wọn kò jìnnà sí èyí:

```
Ìkéde pàtàkì láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé...
Ó dùn wá púpọ̀ láti fi tó yín létí...
```

"Ìpàdé" ti bọ́ sẹ́yìn, "gbọ̀ngàn" kò tíì dé. Ohun tó kù ni ìkéde àti ìrora. Yorùbá wo ló máa rí méjèèjì pọ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ìtúfọ̀? Bí a ṣe ń kéde òkú nìyẹn, lórí rédíò àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Gbólóhùn náà ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe kí ẹ tó yá a lò fún ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn.

Ní ti orúkọ, mo gba "àkọlé" fún ìlà òkè. Èyí tí mo fẹ́ kí a ronú sí ni ìbéèrè kejì. Mo dábàá "ojú ọ̀rọ̀". Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà kò lójú tí a lè wò, àkọlé àti gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ń bá a ṣe ojú. Nínú àrokò náà, ojú ló ń ṣiṣẹ́ yìí: owó ẹyọ méjì tó dojú kọra, ìrẹ́pọ̀ ni, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Owó kan náà ni, iye kan náà ni.

Arábìnrin kan, Mínà

Èmi ò ní fi gbogbo ìyẹn da ara mi láàmú. Bí mo bá pe màmá mi lóru, ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ ni "Kò sí láburú o". Kí akọ̀wé fi í sí àkọlé, ó parí.

Bàbá Wúsè

Ọmọ mi, lórí fóònù, ohùn yín ló ń tù wọ́n nínú. Nínú àkọlé, "láburú" ni ojú máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹni tí kò ronú nǹkan kan tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Arábìnrin kan, Mínà

Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n màmá mi ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ mi bẹ́ẹ̀, kò sì bẹ̀rù rí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Gàríkì

Èmi, `Re:` ni mo máa ń tẹ̀ síwájú àkọlé lẹ́tà ìwáṣẹ́, kí ọ̀gá ibẹ̀ lè rò pé a ti jọ ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀. Ṣé "Èsì" ni ká máa pè é? Torí ìdáhùn ló túmọ̀ sí.

Bàbá Wúsè

Kì í ṣe ìdáhùn. Èdè Látìn ni, `in re`, "nípa ọ̀rọ̀ náà". Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ́ sórí lẹ́tà bébà ní ọ́fíìsì, bí a bá ń tọ́ka sí lẹ́tà tó ti kọjá. Nínú ímeèlì, ẹ̀rọ ló ń fi í síwájú èsì, ohun tí gbogbo èèyàn sì ń kà sí i nìyẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí lẹ́tà tuntun. Ọ̀gá á wá lẹ́tà tó ṣáájú, kò ní rí i, ó máa mọ̀ pé ẹ fẹ́ tan òun, inú ìfura ni yóò sì ti ka ìyókù. Ẹ má sì túmọ̀ rẹ̀ sí "Èsì" nínú ẹ̀rọ. Àwọn ará Jámánì ń lo `AW:` dípò `Re:`, ẹ̀rọ tí kò bá mọ̀ ọ́n á tún fi `Re:` lé e lórí, títí wọn á fi tò bí ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Ńyányà láàárọ̀.

Olùkọ́ Yorùbá, Kàdúná

Bàbá, "ojú ọ̀rọ̀" wù mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé akẹ́kọ̀ọ́ á gbà á sí ìtumọ̀ tó hàn lóréfèé, kì í ṣe bí ọkàn akọ̀wé ṣe rí. Ẹ jẹ́ ká wo "àkọ́kà" fún àkọlé àti gbólóhùn àkọ́kọ́ pa pọ̀: ohun tí a kọ́kọ́ kà, bí àkọ́bí ṣe jẹ́ ọmọ tí a kọ́kọ́ bí.

Ọmọ Ìlọrin, Sùlèjá

Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò, ẹ máa bá ara yín ní Yunifásítì Èkó.

Olùkọ́ Yorùbá, Kàdúná

Òótọ́ ni, Akoka máa dá wa láàmú. Síbẹ̀, gbólóhùn tó yí i ká á fi hàn pé kì í ṣe àdúgbò là ń wí. Mi ò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Lùgbé

Ẹ ṣeun gan-an ni. Èyí ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ lálẹ́ òní:

```
Gbọ̀ngàn tuntun fún ìpàdé Sátidé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Lùgbé náà ni, aago mẹ́rin náà ni...
```

Mo ti kà á lórí fóònù ọkọ mi, àkọlé náà yọ tán. Mo fẹ́ fi "pàtàkì" kún un, torí àwọn kan kì í ṣí lẹ́tà tí kò bá ní in.

Bàbá Wúsè

Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tí yóò ṣe pàtàkì ní tòótọ́. Bí wọ́n bá rí i lórí gbọ̀ngàn lónìí, wọn kò ní ṣí i nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ sórí àìsàn ẹnì kan.