Alágbàṣe 12 tó mi gbìn, wọn kò tó mi ro oko: èèyàn mélòó ni kí n gbà lọ́tẹ̀ yìí?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Hékítà 8 ni mo gbin àgbàdo sí lọ́dún tó kọjá. Alágbàṣe 12 ni mo gbà, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi gbìn ín tán. Inú mi dùn, mo ní iye èèyàn yẹn náà ni n ó máa lò títí dé ìkórè. Àfi ìgbà tí oko tó ríro, tí èèyàn 7 péré padà wá. Ká tó ro apá kan tán, èpò apá kejì ti dé orúnkún, ewé àgbàdo ibẹ̀ sì ti ń pọ́n láti ìsàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ pín in sí méjì. Màá kọ́kọ́ gbin hékítà 4 àgbàdo ọlọ́jọ́ 110, tó bá di ogúnjọ́ kí n gbin ọlọ́jọ́ 90 sí 4 tó kù. Èèyàn mélòó ni yóò tó mi?

Alákọsílẹ̀: Ẹ má sanwó ojúmọ́ mọ́, ẹ fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ ní iye kan, ẹ ó rí i bí wọn yóò ṣe yára tó.

Bàbá Ebè: Wọn yóò yára lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ìkórè, tí ẹ ń ka àpò, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo fi gbígbìn ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kẹfà, mo dé ìparí poro kan, mo rí ọ̀mùnú bí ogójì tó hù papọ̀ lójú kan bíi koríko. Ẹni tó gbìn ín da irúgbìn tó ṣẹ́kù sínú ihò kan ṣoṣo kí àpò rẹ̀ lè tètè tán. Ní ti oko ríro, orí èpò ni wọn yóò bẹ́, gbòǹgbò á wà nílẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀, gbígbìn kọ́ la fi ń mọ iye èèyàn. Ọjọ́ mélòó ni ẹnì kan fi ń ro hékítà kan lóko tìrẹ?

Ọmọ Àgbẹ̀: Mo kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ọjọ́ 16. Gbígbìn kò ju ọjọ́ 6 lọ.

Bàbá Ebè: Ó dáa. Ìlọ́po 8 lára 16 jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 128. Ìroko àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ kẹta tí àgbàdo bá ti yọ. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá, ọjọ́ 12 lo ní. Yọ ọjọ́ ìsinmi 2, yọ 2 fún òjò, ó ku 8. 128 pín sí 8, èèyàn 16 nìyẹn, kí o sì fi 2 kún un nítorí àwọn tí kò ní wá. Nítorí náà, ká ní gbogbo àwọn 12 rẹ padà wá, hékítà 2 ì bá ṣì kù nílẹ̀. Tí o bá pín oko sí méjì, 8 ló tó, fi 1 kún un, 9.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìkórè rẹ. Ọlọ́jọ́ 110 gbó ní ọjọ́ 110. Ọlọ́jọ́ 90 tí o gbìn ní ogúnjọ́, ọjọ́ 110 náà ni! O ti pín ìroko, o sì ti so ìkórè pọ̀. Kọ́kọ́ gbin ọlọ́jọ́ 90.

Ìyá Olóko: Bàbá, ẹ forí jì mí. Tó bá gbin ọlọ́jọ́ 110 sẹ́yìn, òjò lè dá kí ọmọ rẹ̀ tó gbó. Ẹ jẹ́ kó fi í síwájú bó ṣe wí, kó kàn sọ ogúnjọ́ di ọjọ́ 10. Ọlọ́jọ́ 90 á gbó ní ọjọ́ 100, èkejì á tẹ̀ lé e ní 110.

Bàbá Ebè: Ọ̀rọ̀ rẹ tọ́. Ìroko méjèèjì á kàn lu ara wọn fún bí ọjọ́ méjì, kò pọ̀.

Adé Oko: Oògùn apakoríko ńkọ́? Èmi ò gba èèyàn kankan mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń lò ó.

Ọmọ Àgbẹ̀: Mo gbin ẹ̀wà sáàárín rẹ̀, sà. Oògùn tí wọ́n fún mi fún àgbàdo, ẹ̀wà náà ló kọ́kọ́ pa.

Ìyá Olóko: Àwọn 5 tí kò padà wá yẹn, ṣé o bi wọ́n léèrè? Àwọn náà ní oko. Ọ̀sẹ̀ tí èpò gba tìrẹ náà ló gba tiwọn. Bí mo bá fẹ́ gba èèyàn, mo máa ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa ro tiwọn, kí n tó mú ọjọ́ tí mo máa gbìn.

Alákọsílẹ̀: Tàbí kó ṣèlérí owó ẹ̀bùn fún ẹni tó bá ṣe é dé ìparí.

Ìyá Olóko: Mo ṣe é lọ́dún kan, méjì ṣì lọ. Kò sí owó tí èmi náà máa gbà kí èpò lè bo oko mi.

Ọmọ Àgbẹ̀: Lóòótọ́, n kò bi wọ́n. Mẹ́ta nínú wọn ṣì ń gbé nítòsí, màá lọ bá wọn lọ́la kí n tó ra irúgbìn.