Sáfà Èkó wà nílẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló ń dá Ìlọrin lóhùn

Ọmọ Gáà Àkánbí (Manchester): Àṣálámù àláíkúmù, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo ń tọ́jú sáìtì tí a ń kó tàfsíìrì oṣù ààwẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí wa n'Ílọrin sí. Sáfà méjì la ní, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan l'Ékòó, ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Mo sọ fún àwọn tó ń bá wa gbé DNS, ìyẹn ohun tó ń sọ àdírẹ́sì sáfà fún ẹni tó bá pe orúkọ sáìtì, pé kí wọ́n fún ẹni tó bá wá láti Nàìjíríà ní àdírẹ́sì Èkó, kí wọ́n sì fún àwa tó wà níbí ní ti Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi ṣí i láàárọ̀ ní Tánkẹ́ n'Ílọrin, Lọ́ńdọ̀nù ló dá a lóhùn. Kí ló fà á?

Ọmọ Ọ̀fà (Toronto): TTL yín, ìyẹn iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ìdáhùn DNS fi ń wà nípamọ́, ló ga jù. Ẹ fà á wálẹ̀ sí 60, fóònù rẹ̀ á gbàgbé ìdáhùn àtijọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ìyá Búrẹ́dì (Dublin): Àbí fóònù rẹ̀ ò mọ ibi tó wà? Ẹ ní kó tan GPS. Tèmi náà, sáìtì tí mo fi ń ta búrẹ́dì kì í tètè ṣí. Ṣé kí n ra irú èyí ni?

Bàbá Òmù-Àrán (Houston): Wàálàíkúmù sàlámù. Ìyá Búrẹ́dì, GPS ò wọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Fóònù kì í fúnra rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń gbé DNS. Ó máa ń rán sáfà mìíràn pé kó bá òun béèrè. Ìránṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń rí, ibi tó ti wá ni wọ́n sì fi ń mọ ìdáhùn tí wọ́n máa fún un. Bí ará Ìlọrin bá rán ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù lọ́jà, ọjà Lọ́ńdọ̀nù ló máa ná.

Ìránṣẹ́ mìíràn máa ń sọ ẹni tó rán an. 8.8.8.8 ti Google lè mú nọ́mbà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin àdírẹ́sì oníbéèrè dání lọ. 1.1.1.1 ti Cloudflare kì í mú un dání, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, kó lè bo àṣírí èèyàn. Ìyẹn ò burú bí ìránṣẹ́ náà bá wà l'Ékòó. Àmọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹni bá gbé ìbéèrè náà kọjá sí Yúróòpù, ó parí.

Ẹ ní kí àbúrò yín tẹ èyí sórí kọ̀ǹpútà:

```
nslookup -type=TXT o-o.myaddr.l.google.com
```

Àdírẹ́sì ìránṣẹ́ rẹ̀ ló máa jáde. Bí ẹ bá rí `edns0-client-subnet` lábẹ́ rẹ̀, ó ń sọ ẹni tó rán an nìyẹn.

Ọmọ Gáà Àkánbí (Manchester): Ó ti tẹ̀ ẹ́. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló jáde, mo sì wá a wò, Lọ́ńdọ̀nù ni. Ọkọ rẹ̀ ló to 1.1.1.1 sórí gbogbo ẹ̀rọ ilé. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, Èkó dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà (Toronto): Ṣé TTL ò wá ṣe nǹkan kan ni?

Bàbá Òmù-Àrán (Houston): Ó ń ṣe, Ọmọ Ọ̀fà. Bí sáfà Èkó bá kú, TTL ló máa sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kí èèyàn tó bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, 60 sì dára fún un. Àmọ́ ìdáhùn tó ṣìnà, ẹ ò ní ṣe ju kí ẹ máa tún un gbà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú.

Gáà Àkánbí, ẹ yẹ àwọn tó ń gbé DNS náà wò. Ẹ bi wọ́n ní tààrà, ẹ fi àdírẹ́sì àbúrò yín sípò nọ́mbà tí mo kọ:

```
dig www.example.org @ns1.example.net +subnet=203.0.113.0/24
```

Ẹ wo ìlà `CLIENT-SUBNET`. Bí ó bá parí sí `/24/24`, wọ́n lo àdírẹ́sì náà. Bí ó bá parí sí `/24/0`, wọn ò kà á sí. Bí ìlà náà ò bá sí rárá, wọn ò gbọ́ ohun tí ìránṣẹ́ ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Ọmọ Gáà Àkánbí (Manchester): `/24/24` ni, alhamdulillah. Àmọ́ ọmọ ìjọ wa kan ní Jíddà ní sáìtì ò ṣí rárá, wọ́n ní àwọn ò rí i.

Bàbá Òmù-Àrán (Houston): Orílẹ̀-èdè méjì péré lẹ kọ. Ẹni tó bá wá láti ibòmíràn ò ní ìdáhùn, àti ẹni tí wọn ò mọ ibi tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà. Ẹ fi rékọ́ọ̀dù kan kún un fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ́ kù, orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ `Default`. Ẹ tọ́ka rẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ kọ kó tó dárúkọ ìlú kankan.

Ìyá Búrẹ́dì, ẹ má ra nǹkan kan. Àwòrán búrẹ́dì yín, báwo ló ṣe tóbi tó?

Ìyá Búrẹ́dì (Dublin): Bí mo ṣe yà wọ́n lórí fóònù náà ni. Ọ̀kan wọn ju 5 MB lọ.

Bàbá Òmù-Àrán (Houston): Ẹ kọ́kọ́ dín wọn kù.

Ọmọ Gáà Àkánbí (Manchester): Mo ti kọ `Default`, Jíddà ti ń gbọ́ tàfsíìrì. Ó ku àwọn èèyàn wa ní Kutọnu. Lórí máàpù, Èkó ló sún mọ́ wọn jù. Ṣé kí n kàn dárí wọn síbẹ̀?

Ọmọ Ọ̀fà (Toronto): Dájúdájú! Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Èkó wà.

Bàbá Òmù-Àrán (Houston): Ẹ ní sùúrù. Ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì kì í tẹ̀lé máàpù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí Yúróòpù kó tó padà sí Èkó. Ẹ ní kí ẹnìkan ní Kutọnu fi `ping` wọn sáfà méjèèjì, lóru àti lọ́sàn-án.

Ọmọ Gáà Àkánbí (Manchester): Mo ti ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn méjì ti dá mi lóhùn: ẹnìkan ní Èkó ló yá, èkejì ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.