Ìwé ìṣirò àwọn oníbàárà wa ń gbé owó tí wọ́n san sínú oṣù mìíràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé owó ni mí ní ilé ìtajà sìmẹ́ńtì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí a ti yí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣúná wa padà láti oṣù Ṣẹẹrẹ sí oṣù Igbe nínú ètò kọ̀ǹpútà wa ni ìwé ìṣirò tí a ń tẹ̀ fún àwọn oníbàárà ti ń ṣi oṣù gbé. Oníbàárà kan san ₦85,000 ní ọjọ́ 14 oṣù Agẹmọ, ṣùgbọ́n abẹ́ oṣù Igbe ni owó náà bọ́ sí, nígbà tí ọjà tí ó gbà ní ọ̀sẹ̀ kan náà wà lábẹ́ Agẹmọ bí ó ti yẹ. Àpapọ̀ gbèsè rẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ gbèsè ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan kò bá ìwé ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ mu, inú sì bí i. N kò dá a lẹ́bi.

Mo fura pé nọ́ńbà oṣù nínú ọdún ìṣúná ni ètò náà fi ń to owó sísan: Agẹmọ ni oṣù kẹrin wa, ètò náà sì ka 4 sí Igbe. Owó oṣù Èrèlé, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 11, hàn lábẹ́ Bélú. Mo gbìyànjú èyí:

```
MOD(period + 2, 12) + 1
```

Ó tún àwọn owó tuntun ṣe, ṣùgbọ́n ó da ti àtijọ́ rú, nítorí Ṣẹẹrẹ ni nọ́ńbà tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n kúkú máa fi ọjọ́ tí a gba owó gan-an to ìwé náà, àbí èyí yóò da àwọn oṣù tí a ti tì pa rú?